Ẹsẹ̀ òsì wúwo, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò mọ iná: bí a ṣe ń wá ibi tí okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn ti bàjẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 47 ni, àmàlà ló ń tà ní Mókọ́lá. Ó wá sí kílíníìkì nítorí pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń wúwo láti bí oṣù mẹ́jọ. Ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ bó bá ń rìn, sálúbàtà ẹsẹ̀ náà sì máa ń bọ́ lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ó mọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í léèrè àpá tó wà lókè ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ní omi gbígbóná ló dà sí i lára nídìí ìkòkò. Kò mọ̀ ọ́n lára rárá, àfìgbà tó bojú wolẹ̀ tó rí i pé awọ ti lé ròrò. Kò ka ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí sí àìsàn, nítorí pé òun ló lágbára, òun ló fi ń tẹlẹ̀. Nǹkan kan tún wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ: ó ti lé ní ọdún kan tí ikùn ti ń dùn ún lókè lápá òsì, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já dì í. Wọ́n ti fún un ní oògùn ọgbẹ́ inú lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe níbí ni pé kí wọ́n kọ ìwé fún fọ́tò egungun ìbàdí, nítorí pé ẹsẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Fọ́tò náà yóò dé, kò ní fi nǹkan kan hàn, aláìsàn yóò padà sílé, oṣù mẹ́ta mìíràn yóò sì kọjá. Ohun mẹ́ta tí obìnrin yìí sọ ti tó láti fi ìka tọ́ ibi tí àrùn náà wà kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò kankan. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kéèyàn mọ̀ dájú: ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti ń kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan ara sí èkejì.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú, "fọ́nrán" ni a ó máa pe èyí tó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ, "iṣan" ni a ó sì máa pe ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ agbára. "Ìpele" ni abala okùn kọ̀ọ̀kan tí fọ́nrán ti ń jáde lọ́tùn-ún àti lósì. Ìpele 31 ló wà: C1 dé C8 ní ọrùn, T1 dé T12 ní àyà, L1 dé L5 ní ìbàdí, S1 dé S5 ní ìdí, àti ọ̀kan tó kù ní ìrù egungun.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ ya okùn náà

Ẹ mú bébà, kí ẹ ya róbótó kan tó fẹ̀ bí ẹnu ife. Róbótó yẹn ni okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ gé e ní ìbú. Ẹ fi iwájú ara sókè, ẹ̀yìn sísàlẹ̀, kí ẹ sì kọ "òsì" sí ọwọ́ ọ̀tún yín. Bí fọ́tò MRI ṣe máa ń gbé e jáde nìyẹn: bí ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja, tí ẹ dúró níbi ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹ ń wo orí rẹ̀. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ kan máa ń fi ẹ̀yìn sókè, ìyẹn ló ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣi òsì mú fún ọ̀tún lọ́jọ́ tí fọ́tò gan-an bá dé. Torí náà, ẹ kọ́ ọ bí fọ́tò ṣe ń gbé e.

Láàárín róbótó náà, ẹ ya labalábá tó na ìyẹ́ mẹ́rin. Apá aláwọ̀ eérú nìyẹn. Ìyẹ́ iwájú ni ilé àwọn fọ́nrán tó ń jáde lọ bá iṣan, ìyẹ́ ẹ̀yìn ni ìmọ̀lára ti ń wọlé. Gbogbo ibi funfun tó yí labalábá ká ni ọ̀nà tó ń gòkè lọ sí ọpọlọ tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀nà púpọ̀ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni a lè fi ọwọ́ yẹ̀ wò nídìí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi àmì mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ òsì, mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún: ọ̀kan lẹ́yìn pátápátá láàárín ìyẹ́ ẹ̀yìn méjèèjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sún mọ́ ẹ̀yìn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sún mọ́ iwájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan dé ibi tó ti kọjá

Ti ẹ̀yìn pátápátá ni ọ̀nà ìgbọ̀nrìrì àti ipò. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé irin kan ń gbọ̀n lórí egungun, tàbí pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ wà lókè tàbí nísàlẹ̀ nígbà tí ojú wà ní dídì. Fọ́nrán rẹ̀ wọ inú okùn láti ẹ̀yìn, kò dúró, kò yà sí ẹnikẹ́ni, ó gba ẹ̀gbẹ́ tó bá wọlé gòkè tààrà títí dé mẹ̀dúlà, ìyẹn ìdí ọpọlọ. Ibẹ̀ ló ti gbé iṣẹ́ lé fọ́nrán kejì lọ́wọ́, fọ́nrán kejì yìí ló sì kọjá sí òdìkejì kó tó gòkè lọ sí tálámọ́ọ̀sì, ibùdó ìmọ̀lára nínú ọpọlọ. Nítorí náà, níbikíbi nínú okùn, ìgbọ̀nrìrì ẹsẹ̀ òsì wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì.

Ti ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ẹ̀yìn ni ọ̀nà àṣẹ, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní kọ́tíkósípáínà. Àsọ̀kalẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọpọlọ, ó sọ̀ dé ìsàlẹ̀ mẹ̀dúlà, níbẹ̀ sì ni bí 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún fọ́nrán rẹ̀ ti kọjá sí òdìkejì. Nígbà tó bá fi wọ inú okùn, ó ti parí ìkọjá rẹ̀. Àṣẹ tó ń lọ sí ẹsẹ̀ òsì wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì okùn, títí tó fi gbé iṣẹ́ lé fọ́nrán ìyẹ́ iwájú lọ́wọ́ ní ìpele tó yẹ.

Ti ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ iwájú ni ọ̀nà ìrora àti ìgbóná àti òtútù, èyí tí wọ́n ń pè ní sípáínótàlámíkì. Òun nìkan ló yàtọ̀, òun ló sì ń tú àṣírí. Fọ́nrán rẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìn, ó gòkè bí ìpele kan tàbí méjì ní ẹ̀gbẹ́ tó ti wọlé, ó gbé iṣẹ́ lé fọ́nrán kejì lọ́wọ́ nínú ìyẹ́ ẹ̀yìn, fọ́nrán kejì sì kọjá lójú ẹsẹ̀ láàárín okùn náà, níwájú ihò kékeré tó wà láàárín, sí òdìkejì. Láti ibẹ̀ ló ti gòkè lọ sí tálámọ́ọ̀sì. Ìrora ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì okùn ló ń gbà kọjá.

Ẹ kọ orúkọ wọn sí ara àmì mẹ́fà tí ẹ fi sí bébà. Kí ẹ wá fi pẹ́ńsù kun ìdajì òsì róbótó náà dúdú. Ohun tí ẹ pa rẹ́ ni ìgbọ̀nrìrì òsì, àṣẹ òsì, àti ìrora ọ̀tún. Àpapọ̀ yìí ni Charles-Édouard Brown-Séquard, ọmọ erékùṣù Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì, ṣàlàyé rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1850, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí dòní.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ya ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpele náà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Okùn tó bàjẹ́ ní ìdajì kì í dí ọ̀nà tó ń kọjá nìkan. Ó tún ń ba labalábá àti gbòǹgbò fọ́nrán ìpele yẹn gan-an jẹ́. Ohun tó bàjẹ́ ní ìpele náà á fara hàn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já: awọ ibẹ̀ á kú sí ohun gbogbo, tàbí kó máa ta á gidigidi, iṣan ìpele yẹn á dẹ̀, á rù, bí ẹ bá sì fi òòlù rọ́bà lù ú, kò ní fèsì. Ìdí rẹ̀ ni pé fọ́nrán tó kẹ́yìn, tó yẹ kó jáde lọ bá iṣan, òun gan-an ló bàjẹ́.

Nísàlẹ̀ ìpele náà, fọ́nrán tó kẹ́yìn wà láàyè. Àṣẹ láti òkè ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí alábòójútó bá kúrò lórí òṣìṣẹ́, olúkúlùkù á máa ṣe bó ṣe wù ú: iṣan á gan, ìfèsì òòlù á le ju ti tẹ́lẹ̀, bí a bá sì fi nǹkan fa àtẹ́lẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ lọ síwájú lẹ́bàá ọmọ ìka kékeré, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ á gbéra sókè dípò kó wálẹ̀. Àmì Babinski nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún àkókò. Bí okùn bá bàjẹ́ lójijì, bíi ti ọ̀bẹ tàbí ìjàǹbá ọkọ̀, apá tó wà nísàlẹ̀ lè dẹ̀ jọ̀bọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí òòlù má rí ìfèsì kankan. Ìpayà okùn ni, ó máa ń kọjá. Ẹni tó bá yẹ aláìsàn wò ní ọjọ́ kejì, tó rí ẹsẹ̀ tó dẹ̀, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé fọ́nrán ìta ló bàjẹ́, ti ṣìnà. Nínú àrùn tó ń wá díẹ̀díẹ̀ bíi ti obìnrin wa, kò sí ìpayà yìí. Gígan ni a máa kọ́kọ́ rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yẹ aláìsàn wò

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: irin ìgbọ̀nrìrì 128 Hz, òòlù rọ́bà, òwú díẹ̀, igi ìtayín tí ẹ ṣẹ́ sí méjì kí ẹnu rẹ̀ lè mú díẹ̀. Igi ìtayín dára ju abẹ́rẹ́ lọ, nítorí kì í fa ẹ̀jẹ̀, ẹ sì lè jù ú nù lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Fún òtútù, píọ̀ wọ́tà láti inú fíríìjì tó. Fún ìgbóná, omi tó gbóná bí 40 sí 45 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè jó ẹsẹ̀ tí kò lè kígbe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kú, kí ẹ máa gòkè lọ síbi tó yè. Ìyípadà láti kíkú sí yíyè hàn sí aláìsàn ju ìyípadà láti yíyè sí kíkú lọ. Ẹ fi igi ìtayín tẹ ẹsẹ̀, kí ẹ máa gòkè ní bí ìnṣì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní kó sọ̀rọ̀ bó bá ti gún un gan-an. Ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀ lára awọ. Ẹ ṣe é lọ́tùn-ún, ẹ ṣe é lósì, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ má bi í pé "ṣé ẹ ń mọ̀ ọ́n lára?" nítorí pé yóò mọ̀ pé nǹkan kan kàn án bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gún un. Ẹ bi í pé: "Ṣé ó mú ni, àbí ó dẹ̀?"

Ìfọwọ́kàn òwú kò tó láti fi dájọ́. Ọ̀nà méjèèjì ló ń gbé e: ti ẹ̀yìn ń gbé apá kan, ti iwájú ń gbé apá kejì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan okùn bá bàjẹ́, òwú yóò ṣì jọ ohun tó wà dáadáa lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ẹni tó bá fi òwú nìkan yẹ̀ wò yóò sì kọ ọ́ pé ìmọ̀lára wà bó ṣe yẹ.

Fún ìgbọ̀nrìrì, ẹ lu irin náà, kí ẹ gbé ìdí rẹ̀ lé egungun àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé e sí ọrùn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà orúnkún, lẹ́yìn náà egungun ìgbáròkó, lẹ́yìn náà egungun ìhà. Fún ipò, ẹ di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ má dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, torí títẹ̀ ìka yín ni yóò sọ ìdáhùn fún un. Ẹ ní kó dijú, ẹ gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀, bí mílímítà mélòó kan, kí ó sọ ibi tó wà. Ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá. Ẹni tó ń méfò yóò gba bí ìdajì.

Ohun tí a rí lára obìnrin wa nìyí. Ẹsẹ̀ òsì gan, agbára gbígbé itan sókè jẹ́ 4 nínú 5, níbi tí 5 ti jẹ́ agbára tó pé, tí 0 sì jẹ́ pé kò sí rárá, ti gbígbé ọrùn ẹsẹ̀ jẹ́ 3. Òòlù orúnkún òsì fò ju ti ọ̀tún lọ, ti gìgísẹ̀ òsì náà rí bẹ́ẹ̀, àtàǹpàkò òsì gbéra sókè. Ọwọ́ méjèèjì lágbára, ojú kò yí. Ìgbọ̀nrìrì kò sí lẹ́sẹ̀ òsì títí dé ìgbáròkó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń mọ ìgbọ̀nrìrì dáadáa, àtàǹpàkò rẹ̀ mọ ibi tó wà, agbára rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n igi ìtayín kò mú lára rẹ̀ rárá, píọ̀ wọ́tà kò tutù, títí dé ìdodo. Lókè ìdodo lọ́tùn-ún, ó mú. Lápá òsì ikùn, ọ̀já kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín ìdodo àti ìsàlẹ̀ egungun àyà tí ìfọwọ́kàn lásán ti ń ta á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka ìpele

Àwọn ibi tó yẹ kéèyàn mọ̀ lórí ara kò pọ̀. Àtàǹpàkò ọwọ́ jẹ́ C6, ìka àárín C7, ìka kékeré C8. Orí ọmú jẹ́ T4, ìsàlẹ̀ egungun àyà bí T6 sí T7, ìdodo T10, ibi tí itan ti pàdé ikùn L1. Orúnkún jẹ́ L3, inú ọrùn ẹsẹ̀ L4, òkè ẹsẹ̀ L5, ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ S1.

Ìrora kú lọ́tùn-ún títí dé ìdodo, ìyẹn T10. Ẹ má kọ T10 sílẹ̀ pé ibẹ̀ ni àrùn wà. Ẹ rántí pé fọ́nrán ìrora gòkè ìpele kan tàbí méjì ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ kó tó kọjá. Fọ́nrán T10 ọ̀tún kọjá sí òsì ní bíi T9 tàbí T8. Bó bá jẹ́ pé okùn bàjẹ́ lósì ní T8, ti T10 yóò bọ́ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti T7 ọ̀tún yóò ti kọjá lókè rẹ̀, yóò sì yè. Torí náà, ẹ fi kan tàbí méjì kún un sókè: T10 lára awọ ń tọ́ka sí T9 tàbí T8 nínú okùn.

Ọ̀já tó ń ta á lósì ló yanjú ọ̀rọ̀. Ọ̀já kì í sọ̀ kalẹ̀, kì í gòkè, ìpele tí gbòǹgbò wà gan-an ló ń fi hàn. Ó wà láàárín ìsàlẹ̀ egungun àyà àti ìdodo, T8 nìyẹn. Ìrora ikùn tí wọ́n ń pè ní ọgbẹ́ inú láti ọdún tó kọjá, gbòǹgbò T8 òsì ló ń ké. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú gbogbo àmì náà, òun náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi oògùn pa lẹ́nu mọ́. Ó máa ń dun ni tí a bá rí i, nítorí pé ní àkókò yẹn ẹsẹ̀ ṣì lágbára.

Ní báyìí, ẹ yí ìpele okùn padà sí egungun. Okùn kúrú ju egungun tó gbé e wọ̀ lọ. Lára àgbàlagbà, ó parí ní nǹkan bí egungun L1 sí L2. Ìpele okùn àti egungun kì í wà ní ojú kan náà: fún egungun ọrùn, ẹ fi ọ̀kan kún nọ́ńbà rẹ̀, láti egungun T1 dé T6, ẹ fi méjì kún un, láti T7 dé T9, ẹ fi mẹ́ta. Egungun tó gbé ìpele T8 wọ̀ ni T6, torí 6 àti 2 jẹ́ 8. Ìyẹn wà ní àárín ẹ̀yìn, ó jìnnà sí ìbàdí. Ìdí nìyí tí fọ́tò ìbàdí kò fi ní rí i láéláé: ibi tí àrùn wà kò tilẹ̀ sí nínú ibi tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ bi ara yín ohun tí kò bára mu

Ó ṣọ̀wọ́n kí okùn gé ní ìdajì gẹ́lẹ́ bí a ṣe kùn ún lórí bébà. Ohun tí a máa ń rí ni apá kan tó bàjẹ́ púpọ̀, tí òdìkejì sì farapa díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún obìnrin yìí bá rọ díẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn kò ba àlàyé jẹ́. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni kí àìlera, ìgbọ̀nrìrì àti ìrora gbogbo wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, pẹ̀lú ọwọ́ tàbí ojú. Ọpọlọ ni kí ẹ wò nígbà yẹn. Bí àìlera bá wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì ní dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀yìn sì wú tàbí tó tẹ̀ síwájú, ẹ rò ó bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ egungun ẹ̀yìn ni, nítorí iwájú ni ìyẹn ti sábà máa ń tẹ okùn, kì í yan ẹ̀gbẹ́.

Ìṣòro kejì ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Nínú ọ̀nà ìrora, fọ́nrán tó wá láti ẹsẹ̀ àti ìdí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, èyí tó wá láti òkè ló wà nínú. Bí kókó bá ń ti okùn láti ìta, fọ́nrán ìta ló kọ́kọ́ ń pa. Ìrora máa ń kú lẹ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, á wá máa gòkè bí kókó ṣe ń tẹ̀ sí i. Bí obìnrin yìí bá wá ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, a lè rí i pé ìrora kú dé orúnkún péré, kí a sì rò pé ìbàdí ni. Torí náà, ibi tí ìrora kú dé ń sọ pé àrùn wà níbí tàbí lókè sí i, kì í sọ pé kò lè ga ju ibí lọ. Ẹ kọ ìwé MRI fún ọrùn àti àyà pọ̀, kí ẹ sì kọ sí i pé "ẹ wo òsì, ìpele T8, egungun T6, dáadáa". Ẹni tó ń ya fọ́tò ò lè mọ ibi tó yẹ kó wò pẹ́ bí a kò bá sọ fún un.

Àrùn tó wá díẹ̀díẹ̀, tó fi gbòǹgbò bẹ̀rẹ̀, tó wà lágbègbè àyà, lára obìnrin tó ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún: ohun tó yẹ kó wá síni lọ́kàn ni kókó tó ń hù lára awọ tó bo okùn, tàbí lára gbòǹgbò náà. Kókó wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ èyí tí kò ń tàn ká, tí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti okùn lè yọ. UCH níbí ní Ìbàdàn ti ní irú oníṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Látúndé Ọdẹ́kú dé síbẹ̀ ní 1962. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín yíyọ kókó nígbà tí agbára ẹsẹ̀ ṣì jẹ́ 4 àti nígbà tó ti di 0 pọ̀ gan-an.

Ẹ tún gbìyànjú rẹ̀ láti òdìkejì

Nísinsìnyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bàjẹ́, kí ẹ sọ àmì. Wọ́n fi ọ̀bẹ gún ọkùnrin kan lọ́rùn, ó gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún okùn ní ìpele C7. Ẹ fi ọwọ́ bo ìyókù ojú ìwé yìí, kí ẹ kọ èrò yín sílẹ̀ kí ẹ tó kà á.

Iṣan C7 ọ̀tún, èyí tó ń na ìgúnpá, yóò dẹ̀, yóò rù, òòlù rẹ̀ kò ní fèsì. Iṣan tó ń ká ìgúnpá wà lókè, ní C5 àti C6, ó yè, òòlù rẹ̀ sì fèsì. Ọwọ́ tó lè ká ṣùgbọ́n tí kò lè nà, ìyẹn nìkan ti fi ìpele hàn. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún nísàlẹ̀ C7 á rọ. Wọ́n lè dẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á gan. Ìgbọ̀nrìrì àti ipò á kú lọ́tùn-ún láti ìka ọwọ́ dé ẹsẹ̀. Ìka àárín ọ̀tún á kú sí ohun gbogbo, torí ọ̀já ìpele náà nìyẹn.

Ìrora á kú lósì. Láti ibo? Ti C7 òsì gòkè kó tó kọjá, ó sì kọjá lókè ibi tí ọ̀bẹ dé, ó yè. Ti C8 lè yè pẹ̀lú. Ti T1 ló wọ inú ibi tó bàjẹ́. Ìrora á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti inú apá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá, á sì sọ̀ dé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá kọ C7 ti gbàgbé ìgòkè ìpele kan tàbí méjì yẹn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó kọ gbogbo ìyẹn bó ṣe yẹ sábà máa ń fò: ojú ọ̀tún. Ọ̀nà tó ń ṣí ìpéǹpéjú, tó ń la ẹyinjú, tó sì ń mú ojú làágùn sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà nínú okùn ọrùn, títí dé nǹkan bíi C8 sí T2, kó tó jáde padà sókè. Bí okùn bá gé lókè ibẹ̀, ìpéǹpéjú ọ̀tún á rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹyinjú ọ̀tún á kéré ju ti òsì lọ, ẹ̀gbẹ́ ojú yẹn kò ní làágùn bíi ti èkejì. Ẹ pa iná yàrá náà díẹ̀ kí ẹ tó wo ẹyinjú, torí nínú ìmọ́lẹ̀ líle méjèèjì á kéré, ìyàtọ̀ kò ní hàn.

Ìtọ̀ ńkọ́? Ìṣàkóso rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì okùn sọ̀ kalẹ̀, torí náà ìdajì kan tó kù sábà máa ń tó fún un. Bí ọkùnrin náà kò bá lè tọ̀ rárá, tí ẹsẹ̀ òsì náà sì ń rọ, ẹ má fi orúkọ Brown-Séquard tu ara yín nínú: ẹ̀jẹ̀ tàbí wíwú ti ń tẹ òdìkejì. Ẹ pe oníṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì máa kọ agbára ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí, pẹ̀lú nọ́ńbà, kó má jẹ́ "ó dára díẹ̀". Nọ́ńbà tó ń lọ láti 5 sí 4 sí 3 ní òru kan ni yóò jí oníṣẹ́ abẹ lójú oorun.